Kí A Tó Fọwọ́ sí Ìwé Dírẹ́bà: Ìlànà Gbígba Ẹrù Oògùn sí Ilé Ìkẹ́rùsí

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ wa, ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ẹrù, ẹ̀yin tí ẹ ń já ẹrù láti orí ọkọ̀, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí láti wá sọ̀rọ̀ níwájú yín lónìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ.

Àkókò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Àkókò náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dúró lẹ́nu géètì wa, ó sì parí nígbà tí dírẹ́bà bá gba wébíìlì rẹ̀ tí a ti fọwọ́ sí, tó sì ṣíná ọkọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ wákàtí kan, ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo àríyànjiyàn tó máa ń wáyé láàárín ilé ẹrù àti ilé iṣẹ́ tó ta oògùn fún un, tí ẹ bá wo ẹrù tó sọnù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó gbà lọ, tí ẹ bá wo oògùn tó bàjẹ́ tó sì tún dé ọwọ́ aláìsàn, inú wákàtí wọ̀nyẹn ni ẹ ó ti bá gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Kí ló dé tí ìlànà yìí fi gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ? Ṣé àwọn tó mọ iṣẹ́ kò lè ṣe é láti inú orí wọn ni? Mo mọ ilé ẹrù kan tí èèyàn mẹ́ta máa ń gba ẹrù níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń ka páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni kejì máa ń ka páléètì nìkan, ìyẹn pátákó tí a ń to páálí lé lórí, á sì fi iye tí ó gbà pé ó yẹ kó wà lórí páléètì kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni kẹta máa ń ní kí dírẹ́bà kà á fún òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ iṣẹ́, olóòótọ́ sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ka ẹrù ní ìparí ọdún tí ẹrù sì dín, kò sẹ́ni tó lè sọ oṣù tàbí ọkọ̀ tí ó ti dín, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta ni iye inú ìwé gbà wọlé. Ìlànà tí a kọ ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà tí ẹni àárọ̀ kọ sílẹ̀ ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹni ìrọ̀lẹ́ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìlànà gbọ́dọ̀ sọ ni pé a kò ní já ẹrù tí a kò ní ìwé ìbéèrè ọjà rẹ̀ lọ́wọ́. Wébíìlì tí dírẹ́bà gbé wá ń sọ ohun tí olùtajà ní òun kó ránṣẹ́. Ìwé ìbéèrè ọjà ń sọ ohun tí àwa béèrè. Ìwé méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń jọ ara wọn. Akọ̀wé ilé ẹrù ni yóò fi wọ́n wéra: orúkọ oògùn, agbára rẹ̀, bí ó ṣe jẹ́, bóyá oníhóró ni tàbí olómi, ìwọ̀n ìgò tàbí páálí rẹ̀, àti iye rẹ̀. Tí wébíìlì bá ní oògùn tí a kò béèrè, a ó pe ọ̀gá lórí fóònù kí a tó gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀, ìdáhùn ọ̀gá yóò sì wà ní kíkọ.

Lẹ́yìn èyí ni síìlì ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nọ́ńbà wà lára síìlì, nọ́ńbà yẹn sì yẹ kó wà lórí wébíìlì. A ó ka méjèèjì, a ó ya fọ́tò síìlì náà kí a tó gé e, a ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Tí síìlì bá ti já tàbí tí nọ́ńbà kò bá bára mu, èyí kò túmọ̀ sí pé olè ni dírẹ́bà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣí i wò lójú ọ̀nà. Ohun tí ìlànà yóò sọ ni pé láti ìgbà yẹn, gbogbo páálí inú ọkọ̀ náà ni a ó kà tí a ó sì wo ẹnu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì pe olùtajà kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí dírẹ́bà ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ẹni tó ń gba ẹrù kọ́kọ́ dúró. Kí ó fi imú gbóòórùn inú ọkọ̀, kí ó wo ilẹ̀ ọkọ̀ àti òrùlé rẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ajílẹ̀ tàbí kẹrosíìnì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè kó oògùn lónìí, òórùn rẹ̀ yóò sì ti wọ inú páálí. Ilẹ̀ tó tutù, ihò tí oòrùn ń gbà wọlé lára tapólì, àwọ̀ páálí tó ṣá ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo èyí ni yóò sọ ibi tí a ti máa wá ẹrù tó bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí àwọn ẹrù tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú otútù bá wà nínú ọkọ̀, irú bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ínsúlínì tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C, àwọn ni a ó kọ́kọ́ gbà. A ó ka ohun tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru inú àpótí náà kọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ olùtajà, nítorí pé bí ó ṣe tutù ní ìṣẹ́jú tí a ṣí i kò sọ ohunkóhun fún wa nípa bí ó ṣe gbóná tàbí bí ó ṣe dì ní òru àná. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí dídì máa ń bà á jẹ́ ju ooru lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí kíkà, nítorí pé níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé kí olùkà mú wébíìlì dání, kí ó wò ó pé 300 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ǹjẹ́ ẹ ti ṣàkíyèsí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀? Tí ó bá ka 297, á ní bóyá òun ṣì kà ni, á tún un kà títí tí yóò fi di 300. Tí ó bá ka 300 láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní tún un kà mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe lè wà nínú ìyẹn náà. Ọkàn èèyàn ń fà sí iye tó ti rí. Ìdí nìyí tí ìlànà tó dára fi máa ń ní kí olùkà má rí iye tó wà lórí wébíìlì. A ó fún un ní ìwé tí orúkọ oògùn wà lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àyè iye rẹ̀ ṣófo. Òun ni yóò kọ iye tí ojú rẹ̀ rí sí i, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì gbé e fún akọ̀wé. Akọ̀wé ni yóò fi wé wébíìlì. Tí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹlòmíràn ni yóò tún un kà, òun náà kò sì ní rí iye ti ẹni àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí dírẹ́bà tàbí mọ́tò bọ́ì rẹ̀ dúró ti kíkà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe pé kí ó bá wa kà á, bí kò ṣe pé kí ó lè jẹ́rìí sí i. Iye tí àwa nìkan kà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wa lásán ni lójú olùtajà.

Lórí ilẹ̀ ibi tí a ti ń já ẹrù, a ó to páálí sórí páléètì ní ọ̀nà kan náà, ká ní mẹ́jọ ní ìpele kan, ìpele mẹ́fà, èyí tó jẹ́ 48. Ẹ má ṣe ka páléètì tí ẹlòmíràn ti tò wá láti ibòmíràn láì wo àárín rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n to páálí yí ká kí àárín sì ṣófo, ojú tó wà níta kò sì ní mọ̀. Bí a bá ń tò ó, kí bááṣì kan, ìyẹn oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà kan, má dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Bááṣì kọ̀ọ̀kan ní páléètì tirẹ̀, ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán.

Kí ni a ṣe ń tẹnu mọ́ bááṣì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí ọdún 2008, nígbà tí oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń hu eyín ní orílẹ̀-èdè wa ní èròjà olóró kan nínú, tí wọ́n ń pè ní daetilín gláíkóòlù, tí àwọn ọmọ tó ju 80 lọ sì kú. Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, nọ́ńbà bááṣì ni àjọ NAFDAC fi máa ń sọ èyí tí a gbọ́dọ̀ kó kúrò nílẹ̀. Ilé ẹrù tí kò kọ bááṣì sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹrù wọlé kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Kò mọ̀ bóyá bááṣì yẹn wọ ọ̀dọ̀ òun rí, kò sì mọ ilé ìwòsàn tí òun tà á fún. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fò lẹ́nu géètì ni a ó wá fi ọ̀sẹ̀ wá, nígbà tí ọjọ́ kan ṣoṣo kò yẹ kó sọnù.

A ó kọ́kọ́ ka bááṣì lára páálí, a ó sì ṣí páálí díẹ̀ láti kà á lára ìgò. Iye tí ọ̀pọ̀ ilé ẹrù máa ń ṣí ni gbòǹgbò iye páálí, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní iye páálí, kí wọ́n sì fi ọ̀kan kún un: nínú 100 páálí, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 10, wọn yóò ṣí 11. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ. Ó wúlò láti wò ó bóyá ohun tó wà nínú páálí bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu, nígbà tí gbogbo ẹrù náà bá dọ́gba tí kò sì sí ìfura. Kì í ṣe ọ̀nà kíkà, gbogbo páálí ni a gbọ́dọ̀ kà. Kì í sì í ṣe ọ̀nà láti dá ẹrù tó mú ìfura wá láre, nítorí pé páálí tí a kò ṣí lè jẹ́ èyí tí ìṣòro wà nínú rẹ̀. Lára ìgò inú páálí tí a bá ṣí, a ó wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, a ó wo ìdérí bóyá òrùka rẹ̀ ti já, a ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wo bóyá nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, a ó sì ka bébà ara rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti ara páálí mu.

Ó tó àkókò kí a mú ẹrù kan láti ẹnu ọkọ̀ dé inú ìwé, kí ẹ lè rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe so pọ̀. Ẹ fọkàn rò ó pé a béèrè 300 páálí oògùn olómi parasitamọ́ọ̀lù ti àwọn ọmọdé, ìgò onígíláàsì 48 nínú páálí kan. Wébíìlì ní 300 ni wọ́n kó wá, bááṣì méjì: 200 ti àkọ́kọ́, 100 ti èkejì. Ìlànà ilé ẹrù wa sì sọ pé a kò ní gba oògùn tí àkókò tó kù kí agbára rẹ̀ tó tán kò bá tó oṣù 12.

Olùkà wa kà á, ó rí 297. Ẹlòmíràn tún un kà, òun náà rí 297. Páálí mẹ́ta dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò ó sí bááṣì, wọ́n rí 180 ti bááṣì àkọ́kọ́, 97 ti èkejì, àti 20 tó jẹ́ ti bááṣì kẹta tí kò sí lórí wébíìlì rárá. Oṣù méje péré ló kù fún bááṣì kẹta yìí. Nínú 180 ti bááṣì àkọ́kọ́, páálí márùn-ún ti rin, ìsàlẹ̀ wọn sì ti wú. Wọ́n ṣí márààrún lójú dírẹ́bà. Ìgò 240 ló yẹ kó wà nínú wọn: 11 ti fọ́, 37 ni oògùn ti ta sí lára tí bébà wọn sì ti bàjẹ́, 192 ni kò ní àbùkù tí ojú lè rí.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé tí olùkà bá ka iye nìkan, ohun kan ṣoṣo ni yóò mọ̀, pé mẹ́ta dín. Yóò kọ ọ́, yóò sì rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ òun. Tí olùtajà bá sì ṣèèṣì fi páálí mẹ́ta kún bááṣì tí a kò béèrè yẹn, iye yóò pé 300 géérégé, ẹrù náà yóò wọlé láìsí ìbéèrè kankan. Iye tó pé kò túmọ̀ sí pé ẹrù pé.

Nísinsìnyí, kí ni a ó kọ sínú ìwé ìròyìn ìyàtọ̀, èyí tí a fi ń sọ ibi tí ohun tí a rí ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí wébíìlì? Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tí mo ti kà máa ń sọ pé "ẹrù dín díẹ̀, àwọn kan sì bàjẹ́." Ta ni yóò san owó lórí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀? Ìròyìn tó wúlò ni èyí tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà, kí ó sì rí ohun tí a rí. Ìṣòro kọ̀ọ̀kan yóò ní ìlà tirẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí a ó gbà yanjú wọn yàtọ̀. Lórí ẹrù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, ìlà kan yóò sọ pé páálí mẹ́ta ti bááṣì èkejì dín: 100 lórí wébíìlì, 97 tí a kà. Ìlà mìíràn yóò sọ pé dípò 200 ti bááṣì àkọ́kọ́, 180 la rí, àti pé 20 ti bááṣì kẹta tí a kò kọ sórí wébíìlì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Ìlà kẹta yóò sọ ti páálí márùn-ún tó rin, ibi tí wọ́n wà nínú ọkọ̀, iye ìgò tó fọ́, iye tó lẹ́gbin, iye tí kò ní àbùkù lójú, àti nọ́ńbà fọ́tò tí a yà. Ní ìsàlẹ̀ ni a ó kọ nọ́ńbà wébíìlì, nọ́ńbà ìwé ìbéèrè ọjà, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà síìlì, wákàtí tí ọkọ̀ dé àti wákàtí tí a parí, orúkọ olùkà méjèèjì àti ti dírẹ́bà pẹ̀lú ìfọwọ́síwèé wọn.

Kí a má kọ ohun tí a kò rí. "Dírẹ́bà ló sá eré tí ìgò fi fọ́" kì í ṣe ohun tí a rí. Ohun tí a rí ni pé páálí márùn-ún tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rin, ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ sì tutù. Ìyẹn nìkan tó. Tí a bá sì kọ nọ́ńbà kan ṣì, kí a fa ìlà kan lé e lórí, kí a kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì fọwọ́ síbẹ̀. Lóòótọ́, òyìnbó tó ṣe léèdì ló ṣe ìrésà, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, nọ́ńbà tí a pa rẹ́ tàbí tí a fi yíǹkì funfun bò ń mú kí wọ́n ṣiyè méjì sí gbogbo èyí tó kù.

Báyìí ni a ṣe dé ibi ìfọwọ́síwèé, tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ wébíìlì dáadáa. Wọ́n ti tẹ gbólóhùn kan síbẹ̀ tó sọ pé a gba ẹrù náà ní pípé àti ní ipò tó dára. Ẹni tó bá fọwọ́ sí abẹ́ gbólóhùn yẹn láì kọ ohunkóhun ti sọ pé 300 ló gbà, gbogbo rẹ̀ sì dára. Olùtajà yóò mú ìwé náà jáde, onímọ́tò náà yóò sì mú un jáde. Nítorí náà, ìlànà wa gbọ́dọ̀ sọ pé kí ìfọwọ́síwèé tó wáyé, a ó kọ ìyàtọ̀ sórí wébíìlì fúnra rẹ̀, sórí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, títí kan èyí tí dírẹ́bà yóò mú lọ. Lórí ẹrù tiwa yìí a ó kọ pé: "A ka páálí 297. Mẹ́ta dín. Márùn-ún rin, ó wà ní ìyàsọ́tọ̀. Ogún jẹ́ bááṣì tí kò sí lórí ìwé yìí, ó wà ní ìyàsọ́tọ̀. Ẹ wo ìwé ìròyìn ìyàtọ̀," a ó sì fi nọ́ńbà ìròyìn náà síbẹ̀. Dírẹ́bà yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú wa. Tí ó bá kọ̀, a kò ní bá a jà, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀, ẹlẹ́rìí kan yóò sì fọwọ́ sí i.

Àwọn kan máa ń kọ "a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò," wọ́n á sì rò pé ó ti dáàbò bo àwọn. Ó sàn ju kí a má kọ nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí pé kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù náà nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ onímọ́tò. Òfin Títa Ọjà ti ọdún 1893 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin títa ọjà ti àwọn ìpínlẹ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn tẹ̀ lé, fún ẹni tó ra ọjà ní àǹfààní tó yẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jẹ́ kí ó lè kọ ọjà tí iye rẹ̀ dín, tàbí kí ó gbà á kí ó sì san owó iye tó gbà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé tí ó bá di ọjà náà mú kọjá àkókò tó yẹ láì sọ pé òun kọ̀ ọ́, ó ti gbà á nìyẹn. Àdéhùn tí ẹ bá olùtajà ṣe sì lè dín àkókò yẹn kù sí ọjọ́ díẹ̀. Iye ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìlànà, ní ibi tí ẹni tó ń gba ẹrù lè rí i, nítorí àbùkù tó pamọ́ sínú páálí tí ojú kò rí lẹ́nu ọkọ̀. Tí a bá rí irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí a má ju páálí àti àwọn ohun tí wọ́n fi wé ẹrù inú rẹ̀ nù, nítorí wọn yóò béèrè wọn.

Mo mọ̀ pé dírẹ́bà á máa kánjú. Ọ̀nà jìn, ilẹ̀ ń ṣú, ọkọ̀ mìíràn ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà pé ẹni tó ń gba ẹrù ní àṣẹ láti má fọwọ́ sí i títí tí kíkà yóò fi parí, kí ó má bàa jẹ́ pé akọ̀wé kékeré nìkan ni yóò máa kojú ariwo dírẹ́bà.

Ó wá ku ti ẹrù tí a yà sọ́tọ̀. Nínú ẹrù tiwa, 272 ló lọ sí inú ilé ẹrù gẹ́gẹ́ bí ohun tó dára: 175 ti bááṣì àkọ́kọ́ àti 97 ti èkejì. 25 ló lọ sí ìyàsọ́tọ̀, àwọn márùn-ún tó rin àti 20 ti bááṣì tí a kò retí.

Mo mọ ilé ẹrù kan tí ibi ìyàsọ́tọ̀ wọn jẹ́ igun kan tí wọ́n fi téèpù pupa yí ká lórí ilẹ̀. Nígbà tí ọdún ń sún mọ́lé tí ọjà sì ń yá, ẹnìkan tó ń kó ẹrù jáde rí i pé oògùn tí oníbàárà béèrè ti tán lórí pẹpẹ, ó sì rí ọ̀kan náà nínú igun yẹn. Ó kó o. Kò sí ìwà burúkú nínú ọkàn rẹ̀, ojú rẹ̀ rí oògùn, kọ̀ǹpútà sì sọ fún un pé oògùn wà. Ohun méjì ló ṣàìsí níbẹ̀: kọ́kọ́rọ́, àti àmì nínú ìwé. Tí ẹrù tó wà ní ìyàsọ́tọ̀ bá ṣì wà lára iye tí a lè tà nínú ìwé tàbí nínú kọ̀ǹpútà, a kò tíì yà á sọ́tọ̀. Ìlànà gbọ́dọ̀ sọ pé kí ọjọ́ náà tó parí, iye 25 yìí yóò wà lábẹ́ "a kò gbọ́dọ̀ tà á," yàrá rẹ̀ yóò wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ẹni náà kò sì ní jẹ́ ẹni tó ń ta ọjà.

Yàrá yìí kì í ṣe ibi ìdàlẹ̀nù. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ooru kan náà pẹ̀lú ilé ẹrù tó kù, nítorí pé apòògùn lè dá ẹrù inú rẹ̀ láre. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fura sí bá dé, inú fíríìjì ni a ó yà á sọ́tọ̀ sí, ní àyè tirẹ̀, pẹ̀lú àmì tirẹ̀, títí tí ìdájọ́ yóò fi dé. Ẹni tó gbé e síta nítorí pé ó ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́ ti bà á jẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó rin tó sì ń jò, kí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ nínú ike, kí wọ́n má bàa kán sórí àwọn mìíràn, nítorí ṣúgà inú oògùn olómi máa ń pe èèrà. Lára páálí kọ̀ọ̀kan ni ìwé kékeré yóò wà tó sọ orúkọ oògùn, bááṣì, iye, ìdí tí a fi yà á sọ́tọ̀, ọjọ́, àti nọ́ńbà ìwé ìròyìn ìyàtọ̀. Àwọn oògùn tí a fura sí pé ayédèrú ni kò ní bá àwọn wọ̀nyí gbé inú yàrá kan náà lórí pẹpẹ kan náà. Wọ́n ní àpótí tiwọn tí a tì, apòògùn sì gbọ́dọ̀ fi tó NAFDAC létí, nítorí pé a kò gbọ́dọ̀ dá wọn padà fún ẹni tó tà á kí ó lọ tà á fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni ti àwọn ìgò 192 yẹn, tí kò ní àbùkù lójú. Ṣé kí a nù wọ́n, kí a kó wọn sínú páálí tuntun, kí a sì tà wọ́n? Ìdáhùn mi ni pé ìdájọ́ yẹn kì í ṣe ti olùtọ́jú ilé ẹrù. Àwọn ìgò náà jìyà ìkọlù kan náà tó fọ́ àwọn 11. Ìdérí lè ti tú díẹ̀, gíláàsì lè ti là ní ìsàlẹ̀ bébà, ojú kò sì ní rí i. Apòògùn tó ń rí sí i pé oògùn dára ni yóò yẹ̀ wọ́n wò tí yóò sì kọ ọ̀kan nínú ìpinnu mẹ́ta: kí a dá a sílẹ̀ fún títà, kí a dá a padà fún olùtajà, tàbí kí a run ún. Tí wọ́n bá ní kí a run ún, a kò ní sun ún lẹ́yìnkùlé, a ó kọ̀wé sí NAFDAC kí wọ́n bójú tó pípa rẹ̀ run, a ó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú fáìlì ìròyìn kan náà.

Ti 20 ti bááṣì kẹta yàtọ̀ sí èyí. Kò sí ohun tó ṣe oògùn náà. Ẹni tó ń ra ọjà fún wa àti apòògùn ni yóò jọ pinnu bóyá a lè tà á tán láàárín oṣù méje kí a sì gbà á pẹ̀lú ìwé tuntun láti ọ̀dọ̀ olùtajà, tàbí kí ó padà. Bí wọ́n bá gbà á, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé a yẹ̀ lórí òfin oṣù 12 wa, ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i.

Kí ẹrù má sì sùn gbàgbé ní ìyàsọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yóò ka gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà, yóò fi wé àwọn ìwé ìròyìn tí kò tíì parí, yóò sì pe ẹni tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ti ẹrù tiwa yìí kò ní parí ní ọjọ́ tí olùtajà ní òun ti gbọ́. Yóò parí nígbà tí owó páálí mẹ́ta tó dín bá ti kúrò lára ohun tí a jẹ ẹ́, tí ìpinnu lórí márùn-ún bá ti wà ní kíkọ, tí 20 bá ti jáde kúrò nínú yàrá náà sí ọ̀nà kan tàbí èkejì, tí iye inú ìwé àti iye inú yàrá sì jẹ́ ọ̀kan náà. Mo ti mú ẹ̀dà ìwé kíkà tí àyè iye rẹ̀ ṣófo àti ẹ̀dà ìwé ìròyìn ìyàtọ̀ wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú tiyín, kí ẹ sì bi mí ní ìbéèrè lórí ibikíbi tí kò bá bá ilé ẹrù yín mu.